Kí Akọ̀wé Tó Sọ̀ ní Fádéyì

Ní Ṣómólú, láti Ṣípéolú títí dé àwọn òpópónà tó yí Bájúláyé ká, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi ń mọ àdúgbò. Ẹni tó ń ṣe pléètì wà níbẹ̀, ẹni tó ń gé bébà wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ẹni tó ń di ìwé kò sì jìnnà sí wọn. Oníbàárà nìkan ni kì í sábà sí níbẹ̀ mọ́. Á fi fáìlì ránṣẹ́ láti Ìkòròdú tàbí Ìbàdàn, ímeèlì ni wọ́n á sì fi dá a lóhùn. Orí fóònù ló ti máa kà á, nínú dáńfó, kí kọ̀ńdọ́ tó pe ibùdó tó máa sọ̀ sí.

Mo máa ń bá àwọn onítẹ̀wé tún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ wà níbi tí Ṣómólú ti ń wọ Bàrígà. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ń ṣe àjọ̀dún ní Sátidé, wọ́n sì ní kó tẹ ìwé ètò 500 ẹ̀dà, ìwọ̀n A5, tí wọ́n máa fi wáyà gún láàárín. Fáìlì dé, ojú ìwé 26 ló ní.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ ti rí ibi tí wàhálà wà. Ìwé tí wọ́n ṣẹ́ po tí wọ́n sì fi wáyà gún láàárín, ojú mẹ́rin ni bébà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ máa ń mú wá. 24 ṣe é ṣe, 28 ṣe é ṣe. 26 kò ṣe é ṣe, àfi kí ojú méjì ṣófo nínú 28. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ yọ ojú méjì tàbí kí wọ́n fi méjì kún un, kí wọ́n sì tètè sọ̀rọ̀.

Ìyá wa jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ lẹ́tà. Ó kí akọ̀wé ẹgbẹ́, ó kí aya àti ọmọ, ó gbàdúrà fún àjọ̀dún. Ó sọ bí fáìlì ṣe dé lóru, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ṣí i, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ka ojú ìwé lẹ́ẹ̀mejì, àti bí owó bébà ṣe lọ sókè. Ó ya tábìlì iye owó olópòó mẹ́fà. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ìpínrọ̀ kẹjọ, ló wá ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yan 24 tàbí 28 kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, torí pé alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ máa bẹ̀rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni “Nípa iṣẹ́ yín tó wà lọ́wọ́ wa”.

Kò sí irọ́ nínú lẹ́tà yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn. Ó kàn tò ó bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ sí i ni, látorí fáìlì dórí ìbéèrè. Akọ̀wé kò sí níbẹ̀ nígbà tí fáìlì ń wọlé. Ìbéèrè ló kàn án.

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ímeèlì lórí fóònù, nǹkan mẹ́ta ló máa rí: orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àkọlé, àti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í fi ju nǹkan bí lẹ́tà 30 sí 40 hàn nínú àkọlé, á gé ìyókù sọnù. “Nípa iṣẹ́ yín” kò sọ nǹkan kan fún un. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́ ńkọ́? Ìkíni ti jẹ ẹ́ tán.

Mo bi ìyá wa pé kí ni akọ̀wé máa ṣe tó bá kà á tán. Ó ní, “Kó yan ọ̀kan, kó sì sọ fún mi.” Mo ní ìyẹn ló máa lọ sókè. Ojú rẹ̀ le. “Ṣé màá kàn já lu àgbàlagbà láìkí i ni?” Mo ní, “Màmá, pósítà ìsìnkú tí ẹ ń tẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ máa ń kọ ọjọ́ sí?” Ó rẹ́rìn-ín. A fi ìkíni kúkúrú sílẹ̀ lókè, a kó àdúrà lọ sí ìparí, níbi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àkọlé di “Ojú ìwé 24 tàbí 28? Ẹ dáhùn lỌ́jọ́bọ̀”. Lẹ́tà fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan 24 tàbí 28 kó tó di aago 12 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìwé kò ní bá Sátidé.

Ojú 26 ni fáìlì yín ní. Ìwé tí a bá fi wáyà gún láàárín, iye ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é fi mẹ́rin pín.

24: ẹ yọ ojú méjì. ₦450,000 ni, bí a ṣe sọ tẹ́lẹ̀.

28: ẹ fi ojú méjì kún un. ₦510,000 ni.

Ẹ kàn fi nọ́ńbà tí ẹ yàn dáhùn.”

Tábìlì ti lọ. Lórí fóònù, tábìlì olópòó mẹ́fà máa sún kì débi tí ojú kò fi ní rí i kà, tàbí kí èèyàn máa tì í sọ́tùn-ún sósì. Ìtàn fáìlì tó dé lóru náà lọ. Kò sí ẹni tó máa fi yan nǹkan kan.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn ló yẹ ká gé o. Gbólóhùn kan wà tí ìyá wa fẹ́ yọ, pé àṣìṣe tí oníbàárà kò bá rí nínú púrúùfù kó tó fọwọ́ sí i, kì í ṣe ti onítẹ̀wé. Mo ní ká fi í sílẹ̀ lódindi. Tí orúkọ olóyè kan bá jáde ní òdì, ímeèlì yẹn ni ẹ̀rí. Ẹni tó wà nínú dáńfó kò nílò rẹ̀ báyìí, ìdí nìyẹn tó fi wà nísàlẹ̀, lábẹ́ àkọlé tirẹ̀, kí wọ́n lè rí i nígbà tí wọ́n bá wá a.

Ọmọ iṣẹ́ ìyá wa ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti bá a tún un ṣe kí n tó dé. Gbogbo ibi tí gbólóhùn bá ti parí ló ti bọ́ sí ìlà tuntun. Ó kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ìwé tó ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó tẹ̀ lé èwo. Ọ̀ràn kan ló ń jẹ́ ìpínrọ̀ kan, ìbáà ṣe gbólóhùn kan tàbí mẹ́ta. Ìpínrọ̀ onílà mẹ́rin lórí kọ̀ǹpútà lè di nǹkan bí ìlà mẹ́wàá lórí fóònù, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń dá a dúró. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ni ojú ń bá pàdé bí ìka ṣe ń fà á lọ. Ìdí nìyẹn tí 24 àti 28 fi ṣíwájú nínú ìlà wọn.

Ohun tó máa ń ba irú àtúnṣe yìí jẹ́ jù ni pé òkè àti ìsàlẹ̀ kì í bára mu. Bó ṣe kù díẹ̀ kí lẹ́tà lọ, ẹni tó ń ṣe pléètì ní òun lè dúró di aago 2. Ìyá wa tún un kọ nísàlẹ̀, aago 12 ṣì wà lókè. Látìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń kọ àkókò, òkè sì ni. Ìsàlẹ̀ á kàn sọ pé “àkókò tó wà lókè”.

Ká tó fi ránṣẹ́, ìyá wa kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ara rẹ̀, ó sì ṣí i lórí fóònù tí ó ti sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, bí ọ̀pọ̀ àgbà ẹgbẹ́ ṣe máa ń ṣe. Ìbéèrè, àkókò, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí èsì bá pẹ́ ti hàn kó tó fi ìka kan nǹkan kan.

Èsì wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ tí a fi lẹ́tà ránṣẹ́: “28. A máa fi àwòrán àwọn olóyè kún un.” Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ètò láti tẹ̀ ní Ṣómólú, ẹ bá wa ka ojú rẹ̀ kí ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́. Tí kò bá ṣe é fi mẹ́rin pín, ẹ ti mọ irú lẹ́tà tó ń bọ̀.