Lẹ́tà sí Baba Onílé Nítorí Kọ́kọ́rọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Nígbà tí a kó dé ilé tí à ń gbé ní Ìkòròdú, kọ́kọ́rọ́ méjì ni Baba onílé kó fún wa. Mẹ́ta ni ayálégbé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbà, méjì ló dá padà. Kò sẹ́ni tó ka ẹ̀kẹta sí, títí di ọ̀sán Sátidé kan tí àbúrò mi obìnrin nìkan wà nílé, tí ọkùnrin kan ṣí ilẹ̀kùn wọlé láìkànkùn. Àbúrò ayálégbé àtijọ́ ni. Ìrìn àjò ló ti dé, kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti kó lọ. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sì jáde, ṣùgbọ́n ó mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni Màmá ti ń fi àga ti ilẹ̀kùn kí a tó sùn.

Dádì fẹ́ pe káfíńtà lọ́jọ́ kejì. Màmá ní ká kọ̀wé sí Baba ná, òun ló sì tọ̀nà. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ ṣe àyípadà tàbí àfikún sí ilé àfi tí onílé bá fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ká tiẹ̀ fi ti òfin sílẹ̀, àgbàlagbà tó dé ilé ara rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn mọ́ lè rò pé wọ́n fẹ́ gba ilé mọ́ òun lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, torí pé mò ń ṣe Yorùbá níléèwé, Baba kì í sì í fẹ́ ka Gẹ̀ẹ́sì.

Kí n tó kọ ọ́, mo lọ bá káfíńtà àdúgbò wa kí n lè mọ ohun tí à ń tọrọ gan-an. Ó ní a kò ní láti yọ gbogbo kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn. Irin kékeré tí à ń ti ọmọ kọ́kọ́rọ́ bọ̀, tí wọ́n ń pè ní sìlíńdà, nìkan la ó pààrọ̀. Súkúrúù gígùn kan ló dè é mọ́lẹ̀ láti etí ilẹ̀kùn. Bí a bá tú u, tí a ti ọmọ kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, tí a yí i díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yọ wá. Èyí ṣe pàtàkì nínú lẹ́tà, torí bí a bá kàn kọ ọ́ pé a fẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, Baba lè rò pé a fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni mo kọ, pẹ̀lú àdírẹ́sì méjì, déètì àti àkọlé. Àmọ́ “Baba wa” ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dípò “Alàgbà”, kódà bí olùkọ́ mi yóò bá gé máàkì. Àárín rẹ̀ nìyí:

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ń tọrọ àyè láti pààrọ̀ sìlíńdà ẹnu ọ̀nà wa, torí pé ọmọ kọ́kọ́rọ́ kan ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé ilé yìí. A kò ní gbẹ́ ilẹ̀kùn. Àwa la ó san owó rẹ̀, a kò ní yọ ọ́ nínú owó ilé. A ó dá sìlíńdà àtijọ́ padà fún yín. Lọ́jọ́ tí a bá pààrọ̀ rẹ̀ náà, a ó mú ọmọ kọ́kọ́rọ́ kan wá fún yín nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, nítorí ìgbà tí iná tàbí omi bá ń ba ilé jẹ́ tí a kò sí nílé.”

Dádì kò fẹ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Ó ní ìdí tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ni kí ẹlòmíì má ní kọ́kọ́rọ́ wa. Màmá bi í pé bí páìpù bá bẹ́ nígbà tí a wà nílé ìgbéyàwó ní Iléṣà ńkọ́? Òfin yẹn kan náà ní kí onílé fi ìwé sọ tẹ́lẹ̀ kó tó wá wo ilé lójú ọ̀sán, nítorí náà mo fi í kún un pé kí Baba jọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí wa bí kò bá jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì. Dádì sì buwọ́ lu orí ibi tí a ti lẹ àpòòwé, kí a lè mọ̀ bí ẹnì kan bá ṣí i.

Ẹ̀dà méjì la mú lọ. Baba kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ “Mo gbà” sára tiwa, ó sì fọwọ́ sí i.

Sìlíńdà tí káfíńtà kọ́kọ́ rà gùn jù. Ó yọ síta bíi mìlímítà márùn-ún, ó sì ní olè lè fi ẹ̀mú mú irú rẹ̀ kó ṣẹ́ ẹ. Ó wọn èyí àtijọ́ láti ojú ihò súkúrúù sí ìhà méjèèjì: mìlímítà 35 níta, 35 nínú. Ó wá lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ kọ́kọ́rọ́ márùn-ún wà nínú ọ̀rá rẹ̀, Màmá sì kà wọ́n kí káfíńtà tó já a.

Nígbà tí mo gbé àpòòwé dé ọ̀dọ̀ Baba, ó ya á lójú mi, ó bá mi padà dé ẹnu ọ̀nà wa, ó sì fi ọmọ kọ́kọ́rọ́ náà ti ilẹ̀kùn, ó tún ṣí i. Ó ní èyí tí a kò dán wò lè já a kulẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá ń jó. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ mú àpòòwé mìíràn wá, kí Dádì sì tún buwọ́ lù ú.