Àga Tí Bàbá Àgbà Kò Jókòó Sí

Ní ọdún tó kọjá, mo kọ ìtàn kékeré kan fún àwọn ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́wàá sókè. Nínú ìtàn náà, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àlàbí ń gbé ní Jọ́s pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ àti bàbá àgbà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi nílé ìwé, ìyá rẹ̀ ní kó bá bàbá àgbà nu eruku ara àwọn fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀. Fọ́tò kan wà láàárín wọn tó ti ń rí láti kékeré. Ìyá àgbà jókòó, bàbá àgbà dúró, àwọn ọmọ márùn-ún wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tí kò mọ̀ sì jókòó láàárín. Àlàbí nàka sí ọkùnrin náà, ó bèèrè ẹni tó jẹ́. Bàbá àgbà ní, "Wọn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Àlàbí ka orí tó wà nínú fọ́tò náà. Mẹ́jọ ni. Àwọn wo wá ni kò sí níbẹ̀? Ó rò pé àwọn ẹbí kan tí kò ráyè wá ni bàbá àgbà ń sọ, pé bàbá kò gbọ́ ìbéèrè òun dáadáa. Ó pẹ́ kó tó yé e pé ẹnì kan ṣoṣo ni "wọn" yẹn, pé ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà ni, àti pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni bàbá sọ. Ọkùnrin tó jókòó láàárín fọ́tò náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yà á.

Àròsọ ni Àlàbí, ṣùgbọ́n fọ́tò náà kì í ṣe àròsọ. Ó wà ní ilé wa. Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà pọ̀, "ó" ni màá máa lò fún bàbá àgbà mi àti fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbí yìí. Ẹ má pè é ní àìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àgbà mi. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń ta aṣọ ní Támálè, ní apá àríwá Gánà, níbi tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbóho, Ìnísà àti Ọ̀fà ti ń ṣòwò tipẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà ti lọ sí àwọn abúlé lọ gba owó tí wọ́n jẹ ẹ́ lórí ọjà àwìn. Bàbá àgbà ń retí rẹ̀ títí ó fi ku ọjọ́ méjì kí gbèdéke pé, ló bá kó ìyàwó àti àwọn ọmọ sínú ọkọ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò kan. Ẹ̀gbọ́n kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún náà, kò sì dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò sí lẹ́tà, kò sì sí ẹni tó rí òkú rẹ̀.

Ní ọdún 1971, nígbà tí bàbá àgbà fẹ́ kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Jọ́s, ó pe onífọ́tò wá sí agbo ilé. Ìyẹn ni fọ́tò tí mo ń sọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí n fura ni ìdúró bàbá àgbà. Ẹ̀yin náà ẹ wo àwọn fọ́tò àtijọ́ tó wà nílé yín. Àgbà ló máa ń jókòó, yóò kọjú sí kámẹ́rà gan-an, yóò tẹ́ ọwọ́ lé itan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yóò sì hàn. Àwọn tó kéré ló ń dúró sí ẹ̀yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Bàbá àgbà ni olórí ilé lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ó dúró, ó na ọwọ́ kan lé ẹ̀yìn àga tí ẹlòmíràn jókòó sí. Kò sí ẹni tó lè jókòó kí òun dúró, àfi ẹni tó jù ú lọ.

Mo wá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo àga náà. Apá rẹ̀ méjèèjì ní iṣẹ́ ọnà, irú àga tí wọ́n máa ń tọ́jú sí sítúdíò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ igi gbọọrọ lásán, ó bá ẹsẹ̀ àga ìyá àgbà mu. Àga méjì ti di ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo wo ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ imú gbogbo wọn ní ọwọ́ ọ̀tún ṣókùnkùn díẹ̀. Ojú ọkùnrin àárín yìí mọ́lẹ̀ bákan náà ní ọ̀tún àti ní òsì, bí ojú ẹni tí wọ́n tan iná sí nínú yàrá. Èyí tó dá mi lójú jù lọ wà lára ògiri ẹ̀yìn wọn. Òjìji àga náà wà níbẹ̀, ẹ̀yìn àga hàn, etí rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kò sí òjìji orí èèyàn lókè rẹ̀. Àga òfìfo ni oòrùn rí lọ́jọ́ náà.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló sọ ìyókù fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, òun sì ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjì tó jókòó sórí ẹní níwájú àga. Ó ní òun kọ́kọ́ fẹ́ jókòó sórí àga náà nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bàbá àgbà sì gbá òun létí. Onífọ́tò wá ní kí àwọn méjèèjì sún mọ́ra níwájú rẹ̀. Kò yé e nígbà náà. Lónìí ó yé wa: ibi tí ẹsẹ̀ alejò inú fọ́tò yóò wà ni wọ́n fi ara wọn bò, kí onífọ́tò má baà máa wá bí ẹsẹ̀ náà yóò ṣe tẹlẹ̀.

Bàbá àgbà ní fọ́tò kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yà ní sítúdíò ní Támálè. Onífọ́tò náà tún un ṣe nínú yàrá òkùnkùn títí orí rẹ̀ fi tó orí àwọn tó kù. Ó fi abẹ gé ọkùnrin náà yíká. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ wà lórí apá àga sítúdíò, kò lè yọ ọwọ́ kúrò lára apá àga, ló ṣe gé méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n a máa fi sáńdípépà ha etí bébà náà láti ẹ̀yìn títí yóò fi fẹ́lẹ́, nítorí pé bébà tó bá nípọn yóò ní òjìji tirẹ̀. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò ńlá, wọ́n á fi pẹ́ńsù tún ojú ìlẹ̀mọ́ ṣe, wọ́n á sì fi kámẹ́rà ya gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fíìmù tuntun yìí ni wọ́n fi ń tẹ èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Ìdí nìyí tí fọ́tò wa fi ṣì bí ẹni pé ẹ̀fúùfù eruku bò ó: fọ́tò tí wọ́n ya láti ara fọ́tò ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í mọ́ tó ti àkọ́kọ́. Ní etí apá aṣọ ọkùnrin náà, ìlà pẹ́ńsù tín-ín-rín kan ṣì wà.

Àwọn onífọ́tò wa mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Ní ọdún 1975, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, lọ ṣe ìwádìí nípa àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú láìjẹ́ pé wọ́n jọ ya fọ́tò, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ìbejì lè pé. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ méjèèjì fún ọmọ tó kù, wọ́n á yà á ní ìgbà méjì. Kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ tàn jẹ. Gbogbo ilé ló mọ̀.

Ibí yìí ni fọ́tò wa ti yàtọ̀, ibẹ̀ náà sì ni mo ti ṣi ìtàn mi kọ. Ẹni tó ń ya ìbejì bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀kan ti lọ. Nígbà tí mo kọ ìtàn Àlàbí tán, mo kà á fún àbúrò bàbá mi. Mo dé ìparí rẹ̀, níbi tí Àlàbí ti sọ fún bàbá àgbà pé, "Mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n yín tó kú ni." Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró.

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n kú?"

Mo ní ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ní òun kò bi mí léèrè iye ọdún. "Bàbá kò sọ ọ́ rí títí wọ́n fi lọ. Wọn ò ṣe òkú, wọn ò pín ẹrù. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé àga wọn nìyẹn. Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n rí i pé a ò fún ẹlòmíràn."

Ẹ wo gbólóhùn yẹn. "Wọ́n" mélòó ló wà nínú rẹ̀? Bàbá àgbà ni àwọn kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àwọn yòókù, kò sì sí èyí tó ju ẹnì kan lọ nínú wọn. Èmi tí mo ń kọ́ ìmọ̀ èdá-èdè gbọ́ ọ láìsí wàhálà. Ọmọ tó dàgbà sí Jọ́s, tó ń sọ Haúsá níta, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé, lè máa wá ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà kò sì sọ bóyá ẹni tí à ń sọ wà láàyè tàbí kò sí mọ́. Ó kàn sọ pé ó jù wá lọ. Ohun tí bàbá àgbà nílò gan-an nìyẹn.

Mo pa gbólóhùn Àlàbí rẹ́. Nínú èyí tí a tẹ̀ jáde, ó gun àpótí, ó nu ojú ìyá àgbà, ó nu ojú bàbá àgbà àti ti àwọn ọmọ. Ó dé àárín, ó dúró díẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ṣé kí n nu ojú tiwọn náà?"

Bàbá àgbà fún un ní aṣọ ìnura tó mọ́.