Ohùn inú Tánkì

Bí ẹ bá rìn wọ ọjà Ládìpọ̀ ní Muṣin, níbi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò tòkunbọ̀ palẹ̀, ẹ ó rí bọ́ńpà tí wọ́n kó jọ gègèrè, tí àwọn ti ẹ̀yìn mìíràn ní ojú dúdú róbótó mẹ́rin lára. Ojú wọ̀nyẹn ni ó ń jẹ́ kí awakọ̀ mọ̀ pé ògiri ti súnmọ́ ọn. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kan ni mo fi dé orí tánkì omi ilé wa. Okùn rẹ̀ so mọ́ bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ JSN-SR04T sí, èyí sì so mọ́ Arduino. Iṣẹ́ tí mo fún wọn ni pé kí wọ́n mọ ibi tí omi dé, kí wọ́n máa tan ẹ̀rọ tí ń fa omi, kí wọ́n sì máa pa á.

Àkókò ni sẹ́nsọ̀ yìí ń kà. Ó ń ju ohùn kan tí ó ń gbọ̀n nígbà 40,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́. Ohùn náà kọlu ojú omi, ó ta padà. Bọ́ọ̀dù náà a gbé iná sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ ECHO, a sì mú un sílẹ̀ nígbà tí ohùn bá dé. Ohun tó kù fún kóòdù ni kí ó ka bí iná náà ti pẹ́ tó:

```
digitalWrite(TRIG, HIGH);
delayMicroseconds(20);
digitalWrite(TRIG, LOW);
unsigned long t = pulseIn(ECHO, HIGH, 30000UL);
float cm = t * 0.035 / 2;
```

Máíkírósẹ́kọ́ǹdì ni `t`, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. A pín in sí méjì nítorí pé ohùn náà lọ, ó tún bọ̀. Bí `t` bá jẹ́ 4,000, omi wà ní sẹ̀ntímítà 70 sí ìdérí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, 0.0343 ni ẹ ó bá dípò 0.035, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ti ibi tí òtútù wà, níbi tí ooru kò ju 20 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ohùn a máa yára sí i bí afẹ́fẹ́ bá ti ń gbóná. Nínú tánkì dúdú tí oòrùn ọ̀sán Èkó ń pa, ooru lè tó 40, 4,000 kan náà á sì di sẹ̀ntímítà 71. Mo fi 0.035, tí í ṣe ti ooru 30, sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sẹ̀ntímítà kan tàbí méjì kò da omi ilé rú.

Ohun tó dà á rú ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, omi ń ya sílẹ̀ láti orí tánkì bí òjò, ẹ̀rọ kò sì dákẹ́. Mo ti pàṣẹ nínú kóòdù pé bí omi bá ku sẹ̀ntímítà 15 kí ó kan ìdérí, kí ẹ̀rọ kú. Páìpù tí omi àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbà jáde wà ní sẹ̀ntímítà 13. Ó yẹ kí ó ti pa á kí omi tó dé ibẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà gun òkè, mo wo nọ́ńbà: 26. Mo yọ ìdérí, mo ki ọ̀pá rúlà bọ̀ ọ́: 13.

Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé sẹ́nsọ̀ náà ti bàjẹ́, ǹ bá gbà, ṣùgbọ́n 26 jẹ́ ìlọ́po méjì 13 gééré. Nítorí náà ni mo fi fa omi sílẹ̀ díẹ̀, tí mo tún tan ẹ̀rọ, tí mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan mo kọ ohun tí mo rí: 32, 30, 28, 26. Omi ń gòkè ní sẹ̀ntímítà méjì ní ìṣẹ́jú kan, bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà fò lọ sí 48, tí ó wá ń bọ̀ nílẹ̀ báyìí: 44, 40, 36, 32, 28. Ó ń já ní mẹ́rin mẹ́rin. Nígbà tí ó dé 26, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ìdí rẹ̀ ni pé ojú kan náà ni ó ń ju ohùn, òun náà ni ó sì ń gbọ́ ọ. Bí agogo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ara rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ju ohùn, kò sì lè gbọ́ nǹkan kan títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Fún tèmi, ìgbà náà tó nǹkan bí máíkírósẹ́kọ́ǹdì 1,400, èyí tí í ṣe sẹ̀ntímítà 25 lálọ lábọ̀. Ohùn tí omi tó wà ní 24 dá padà ti dé kí etí rẹ̀ tó là. Ṣùgbọ́n ohùn náà kò kú. Ó kọlu ìdérí, ó tún padà sórí omi, ó tún gòkè, ìgbà kejì yìí sì ni sẹ́nsọ̀ gbọ́ ọ. Ìrìn méjì ló kà sí ọ̀kan, ìyẹn ló fi jẹ́ 48. Nọ́ńbà náà kò lè dé 15 láéláé, nítorí omi yóò ti kún dé páìpù kí ó tó débẹ̀.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún rẹwáyà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ládìpọ̀, ọmọkùnrin tí ó ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ sí mọ́tò lójoojúmọ́. Kò yà á lẹ́nu. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ti mọ́tò náà, tó bá ti kù díẹ̀ kó gba nǹkan, ariwo kan ṣoṣo ló ń ké lọ gbuurugbu. Kì í ka nǹkan kan mọ́. Ẹ dúró ni ìyẹn.” Àwọn tó ṣe ti mọ́tò kò bi ojú náà léèrè ohun tí kò lè rí. Èmi ni mo ń bi í.

Mo wá gbé ibi tí ẹ̀rọ yóò ti kú lọ sí 35. Mo pàdánù àyè sẹ̀ntímítà 22 nínú tánkì, ó sì dùn mí. Mo rò ó láti gbé sẹ́nsọ̀ ga lórí irin ju ìdérí lọ, ṣùgbọ́n ohùn náà ń fẹ̀ bí ó ti ń lọ, ẹnu tánkì wa sì há: etí ẹnu náà ni yóò máa dá ohùn padà, kì í ṣe omi.

Mo fi òfin méjì kún kóòdù:

```
if (t == 0) return -1;
if (pumpOn && cm > last + 10) stopPump();
```

Òfin kejì dá lórí ohun tí mo kọ sínú ìwé: bí ẹ̀rọ bá ń fa omi, omi kò lè fi sẹ̀ntímítà mẹ́wàá lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Nọ́ńbà tó bá fò sókè bẹ́ẹ̀ ń sọ pé a ti wọ ibi tí ojú náà kò ti ríran. Ti àkọ́kọ́ ń ṣọ́ òdìkejì rẹ̀. Bí omi tó ń dà sínú tánkì bá ru ojú omi sókè, ohùn lè fọ́nká, kí ó má padà rárá, `pulseIn` a sì dá òdo padà. Kóòdù mi àtijọ́ ń ka òdo sí sẹ̀ntímítà òdo, ó ń rò pé tánkì kún, ó ń pa ẹ̀rọ nígbà tí a kò tíì rí omi wẹ̀. Nísinsìnyí ó ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún, pẹ̀lú ìdádúró mílísẹ́kọ́ǹdì 60 láàárín wọn kí ohùn àtijọ́ lè kú, ó ń ju -1 nù, ó sì ń mú èyí tó wà láàárín nínú ìyókù.

Ọ̀pá rúlà náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń yọ ìdérí, mo máa ń ki í bọ̀ ọ́, màá kọ ohun tí ó sọ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí sẹ́nsọ̀ sọ. Ní Sátidé tó kọjá, rúlà sọ 61, sẹ́nsọ̀ sọ 60.