Ẹsẹ̀ Tó Wà Nínú Pí-ó-pí Náà Ń Jẹun

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣèṣe ló máa ń dín oúnjẹ kù. Wọ́n gbà pé ẹni tó kàn jókòó sójú kan ò nílò oúnjẹ púpọ̀, ikùn ló máa yọ. Ohun tí àbúrò mi náà ṣe nìyẹn nígbà tí egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán níbi bọ́ọ̀lù, tí wọ́n fi pí-ó-pí dì í. Tíì àti búrẹ́dì láàárọ̀, àmàlà díẹ̀ pẹ̀lú ẹran kan ṣoṣo lálẹ́, ó parí.

Àmọ́ iṣan kì í dúró de èèyàn. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó o, tó sì ń tún un kọ́. Tí ẹsẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́, kíkọ́ á fà sẹ́yìn. Tí oúnjẹ bá tún kéré, ara á máa mú lára iṣan láti fi tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Ní 2014, àwọn olùwádìí kan ní Nẹ́dálándì gbé èsì jáde lórí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n de ẹsẹ̀ wọn kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, iṣan itan wọn ti dín ní bíi ìdá 8 nínú 100, agbára rẹ̀ sì ti dín ní bíi ìdá 23. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ ṣèṣe o, ara wọn dá ṣáṣá!

Purotéènì ni a kọ́kọ́ bá wí. Ẹni tó fara pa lè fojú sí gíráàmù 1.6 fún kílò ara kan lójúmọ́. Kílò 70 ni àbúrò mi:

```
70 * 1.6 = 112
```

Ohun tó ń jẹ ò tó ìdajì èyí. Bá a ṣe tún un ṣe rèé: ẹyin mẹ́ta àti búrẹ́dì láàárọ̀, ẹ̀wà àti ẹja lọ́sàn-án, ẹja ńlá méjì sórí àmàlà lálẹ́, mọ́ínmọ́ín kó tó sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la pín in sí, torí pé oúnjẹ kan ṣoṣo ò lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan fún iṣan. A ò yọ àmàlà náà kúrò. Tí oúnjẹ tó ń fúnni lágbára bá kéré jù, ara á sun purotéènì náà bí igi ìdáná. Fífi ọ̀pá abẹ́ apá rìn sì ń gba agbára ju ìrìn lásán lọ. Ẹ bi ẹni tó bá ti fi gun àtẹ̀gùn rí.

"Bùọ̀dá, mo máa sanra o," ló ń wí. Mo ní kó máa fi téèpù télọ̀ wọn itan méjèèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbi kan náà lókè orúnkún, kó sì gun ìwọ̀n. Tí ìwọ̀n bá ń já wálẹ̀, tó ń rẹ èèyàn ṣáá, tí ọgbẹ́ ò sì tètè jiná, oúnjẹ ò tó nìyẹn.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó fi purotéènì kún oúnjẹ. Oúnjẹ nìkan kọ́ sì ni: àbúrò mi ń na ẹsẹ̀ náà, ó ń gbé e sókè lórí bẹ́ẹ̀dì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n gé pí-ó-pí náà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ tín-ín-rín gan-an. Àmọ́ itan rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìkejì.