Arìngbẹ̀rẹ̀ àti Eré Ẹlẹ́mìí Ẹṣin

Àwọn àgbà ní arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè délé, asárétete kò róyè jẹ. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ìgbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan múra fún eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ìlú Èkó ni mo tó mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó. Eré yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2016, a máa wáyé nínú oṣù Èrèlé. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Kò sí èyí tí ó sá ju kìlómítà 5 lọ rí nínú àwa méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ 16 ni a fi múra, láti ìparí oṣù Ọ̀wàrà. Ọjọ́ mẹ́rin ni a ń sáré lọ́sẹ̀: a ń sá ìwọ̀nba kìlómítà 5 sí 8 ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, a sì ń sá eré gígùn ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta kí oòrùn tó mú. Eré Àbámẹ́ta yìí ni ọ̀pá tí ó gbé ilé ró. Kìlómítà 8 ni ó jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó di 10, ó di 12, ó sì padà sí 9 ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Lẹ́yìn náà ni 14, 16, 18, kí ó tó tún padà sí 13. Ó wá di 21, 24, 27, ó padà sí 19, ó sì gòkè dé 30 ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá. Ẹ wò ó dáadáa: bí a bá gòkè ní ìgbà mẹ́ta, a ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìwọ̀n ìyára kò le láti mọ̀. Ẹni tí ó bá ń sá eré gígùn gbọ́dọ̀ lè sọ gbólóhùn kan parí láìgba èémí láàárín. Èmi tí mo ń kọ́ èdè, oríkì ilé wa ni mo fi ń dán ara mi wò lójú ọ̀nà. Bí èémí bá ti gé oríkì mọ́ mi lẹ́nu, mo mọ̀ pé eré ti pọ̀ jù, n ó sì dẹ ẹsẹ̀. Báyìí ni mo fi ń lo ìṣẹ́jú méje àbọ̀ lórí kìlómítà kan.

Ọ̀sẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ ni ó ṣòro fún ọ̀rẹ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ara rẹ̀ le koko, ó ní ọ̀lẹ ni yóò sá 13, ó sì sá 22. Òótọ́ ni pé ara rẹ̀ le. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ń mọ́ eré lára, ṣùgbọ́n egungun kì í yára bẹ́ẹ̀. Eré a máa jẹ egungun díẹ̀díẹ̀, ìsinmi ni ara sì fi ń tún un mọ. Bí jíjẹ bá yára ju títún mọ lọ, egungun yóò sán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìrora tí ó tàn ká ẹ̀gbẹ́ ojúgun, tí ó sì ń rọ̀ bí ara bá ti gbóná, kò burú púpọ̀. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ojú kan ṣoṣo ni, ìka kan bò ó, ó ń le sí i bí ó ti ń sáré, kò sì lè fi ẹsẹ̀ náà nìkan fò sókè. Dókítà ní egungun ti sán, kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Eré Èkó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí a kò sá 42 kí ọjọ́ tó pé. Kìlómítà 30 nìkan gbà mí ní wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 45. Bí olùbẹ̀rẹ̀ bá kọjá ibẹ̀, àárẹ̀ tí yóò kó yóò ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Àǹfààní eré gígùn kan sì máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó hàn lára. Ìdí nìyí tí a fi ń dín eré kù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìkẹyìn: 20, lẹ́yìn náà 13, lẹ́yìn náà eré náà gan-an. Kò sí ohun tí a lè fi kún agbára wa mọ́ nígbà náà. Àárẹ̀ nìkan ni a lè yọ kúrò.

Nǹkan bí kìlómítà 30 sí 35 náà ni ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan máa ń fẹ́ tán, tí ẹsẹ̀ a sì wúwo bí òkúta. Nítorí náà ni mo ṣe ń mu omi ṣúgà oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo Àbámẹ́ta, kí ikùn lè mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ tó pé.

Mo parí eré náà ní wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 21. Àwọn tí ó fi eré sísá yà mí sílẹ̀ ní Sùúrùlérè pọ̀ lọ súà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mo bá tí wọ́n ń rìn nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé òpin. Ọ̀rẹ́ mi dúró níbẹ̀ dè mí, ó mú omi lọ́wọ́. Ó ti kọ ọ̀sẹ̀ 16 tirẹ̀ sínú ìwé fún ọdún tí ń bọ̀, ó sì fi tádà pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìkẹjọ àti ìkejìlá.