₦200,000 tí oníbàárà yọ lórí owó iṣẹ́ mi, àti bí mo ṣe gbà á padà

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, bọ̀dá kan ń bínú pé ilé-iṣẹ́ tóun ṣiṣẹ́ fún ti jẹ lára owó òun. Mo bi wọ́n pé èló ni wọ́n yọ. Bí wọ́n ṣe pe iye yẹn báyìí, mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́. Owó-orí àyọsílẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń kọ sórí ìwé ní WHT. Èmi náà ti bínú bẹ́ẹ̀ rí, ó sì kù díẹ̀ kí owó yẹn bá ibẹ̀ lọ lóòótọ́. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ tèmi síbí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ilẹ̀ wò fún àwọn tó fẹ́ gbẹ́ bọ́ọ̀húùlù, kí n sọ ibi tí omi lè wà fún wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, mo yẹ ilẹ̀ mẹ́rin wò fún ilé-iṣẹ́ kan ní Àbújá. Iye tá a fẹnu kò sí ni ₦2,000,000. Mo kọ ínfóìsì, mo fi VAT ₦150,000 lé e, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦2,150,000. Nígbà tí àlẹ́ẹ̀tì wọlé ní oṣù kẹrin, ₦1,950,000 ni mo rí. Mo pe akáǹtáǹtì wọn pẹ̀lú ìbínú. Ọkùnrin náà kàn rọra dá mi lóhùn pé, "Ọ̀gá, a ti yọ WHT."

Òótọ́ ló sọ. Òfin ní kí oníbàárà tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ ìgbìmọ̀ràn kó tó sanwó, kó sì fi í ránṣẹ́ sí ìjọba lórúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2023, 10 nínú 100 ni wọ́n ń yọ tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ní Limited lẹ́yìn orúkọ, 5 nínú 100 sì ni tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Láti oṣù kìíní ọdún 2025, ìlànà tuntun ti sọ ti ilé-iṣẹ́ náà di 5, àmọ́ ẹni tí ò bá ní nọ́ńbà owó-orí, ìyẹn TIN, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé orí ₦2,000,000 ni wọ́n ti ṣírò tèmi, wọn ò ka VAT mọ́ ọn. Àwọn kan máa ń ṣì í ṣe, wọ́n á ṣírò ó lórí gbogbo ₦2,150,000. Ká ní wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, ₦215,000 ni wọn ì bá yọ, ₦1,935,000 ni ǹ bá sì rí gbà. Lára àlẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an lẹ ti máa mọ̀, tẹ́ ẹ bá ti ní iye ínfóìsì lọ́wọ́.

Ibi témi fúnra mi ti kọ́kọ́ ṣàṣìṣe ni inú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Mo kọ ₦1,950,000 tó wọ bánkì sílẹ̀ bí ẹni pé òun ni owó tí mo pa, mo sì fa ìlà sí i. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n jẹ́ akáǹtáǹtì, ló yẹ ìwé náà wò. Wọ́n wò mí lójú.

"Àbúrò mi, èló lo bá wọn ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Mílíọ̀nù méjì ni, mà."

"Níbo ni mílíọ̀nù méjì wà nínú ohun tó o kọ yìí?"

Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ní kí n pa á rẹ́, kí n tún un kọ. Lọ́jọ́ tí ínfóìsì jáde, kí n kọ ọ́ pé oníbàárà jẹ mí ní ₦2,150,000. Nínú rẹ̀, ₦2,000,000 ni owó tí mo pa, ₦150,000 sì jẹ́ VAT tí mo gbà fún ìjọba, kì í ṣe tèmi rárá, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Lọ́jọ́ tí owó wọlé, kí n kọ ₦1,950,000 sí bánkì, kí n kọ ₦200,000 sí ojú ìwé mìíràn tí mo máa pè ní "WHT tó wà lọ́wọ́ ìjọba." Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ ₦2,150,000, gbèsè oníbàárà yẹn ti tán nìyẹn. Àmọ́ ₦200,000 ṣì wà láàyè. Ohun ìní mi ni, gẹ́gẹ́ bí owó tí mo yá èèyàn.

Mo bi wọ́n pé ṣé mi ò lè kàn kọ ₦200,000 náà sí ìnáwó, bí mo ṣe ń kọ owó epo mọ́tò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n ṣírò ó wò. Iye tí mò ń pa lọ́dún yẹn jẹ́ ₦29,000,000, ìyẹn sì fi mí sáàárín àwọn ilé-iṣẹ́ tí owó-orí wọn jẹ́ 20 nínú 100 èrè. Tí mo bá kọ ₦200,000 sí ìnáwó, èrè mi á dín ní ₦200,000, owó-orí mi á sì dín ní ₦40,000 péré. Tí mo bá kọ ọ́ sí owó tí mo ti san sílẹ̀, owó-orí mi á dín ní odindi ₦200,000. Ìyàtọ̀ ₦160,000 nítorí ojú ìwé tá a kọ ọ́ sí nìkan! Mo mọ àwọn tó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọdún mélòó kan, tí wọn ò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ọdún ìṣirò rẹ̀ ń parí ní oṣù kejìlá ní títí di òpin oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e láti fi ìṣirò owó-orí rẹ̀ ránṣẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, mo wọ TaxPro Max, ojú òpó FIRS nígbà náà, ọ́fíìsì tó ti ń jẹ́ Nigeria Revenue Service láti oṣù kìíní ọdún 2026. Mo wá ibi tí krẹ́díìtì WHT mi máa ń hàn. Òfìfo ni mo bá níbẹ̀.

Mo pe Àbújá. Akáǹtáǹtì náà búra pé àwọn ti san án láti ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa sọ fún mi pé kí n má jà, kí n béèrè ohun méjì: rìsíìtì owó tí wọ́n san, àti ojú ewé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n sanwó náà fún sí. Ìdí ni pé ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń kó WHT ọ̀pọ̀ èèyàn jọ san lẹ́ẹ̀kan náà. Rìsíìtì nìkan ò lè fi hàn pé orúkọ tèmi wà níbẹ̀. Ojú ewé yẹn ló ń pín owó náà fún olúkúlùkù, TIN ló sì fi ń pín in.

Nígbà tó fi í ránṣẹ́, orúkọ mi wà níbẹ̀, iye náà pé, àmọ́ TIN tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ mi. Ojú tì mí nígbà tí mo wò ó dáadáa. Nọ́ńbà náà jẹ́ ti orúkọ òwò tí mò ń lò kí n tó forúkọ Limited sílẹ̀. Mo ti yí orúkọ òkè ínfóìsì padà, mi ò yí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ̀. Owó mi wà lọ́dọ̀ ìjọba lóòótọ́, àmọ́ ó ń sùn sí orúkọ òwò tí mo ti pa tì.

Ẹni tó sanwó ló ní láti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbé krẹ́díìtì náà kúrò lórí TIN kan sí òmíràn, kì í ṣe èmi. Mo bá wọn kọ lẹ́tà náà fúnra mi kó má bàa pẹ́, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí i. A so ínfóìsì, rìsíìtì, ojú ewé orúkọ, ìwé bánkì tó fi ₦1,950,000 hàn àti ìwé ẹ̀rí CAC mọ́ ọn. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí oṣù kẹfà parí kí ₦200,000 náà tó hàn lójú òpó mi.

Lílò rẹ̀ ò wá le mọ́. Èrè tí wọ́n máa gba owó-orí lé lórí jẹ́ ₦3,500,000, 20 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ ₦700,000. Mo yan krẹ́díìtì ₦200,000, ₦500,000 ló kù tí mo san. Mi ò ka owó-orí ètò ẹ̀kọ́ mọ́ ọn o, ìyẹn ní ìṣirò tirẹ̀. Tó bá jẹ́ pé iye tí mo pa lọ́dún yẹn ò tó ₦25,000,000 ni, òfin ìgbà yẹn ò ní gba owó-orí èrè kankan lọ́wọ́ mi. Krẹ́díìtì náà ò ní rí nǹkan tó máa dín kù, á kàn wà níbẹ̀ di ọdún mìíràn, tàbí kí n kọ̀wé pé kí wọ́n dá owó náà padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi orúkọ ara yín ṣiṣẹ́, tẹ́ ò ní Limited, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. WHT yín kì í lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń gbé ló ń lọ. Tẹ́ ẹ bá ń gbé Kàdúná, tí oníbàárà yín sì wà ní Àbújá tàbí Èkó, Kàdúná ló yẹ kó san án sí. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń san án sí ibi tí àwọn fúnra wọn wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi ìṣirò ọdọọdún yín ránṣẹ́ kí oṣù kẹta tó parí, Kàdúná ò ní rí nǹkan kan. Torí náà, ẹ kọ ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń gbé sórí ínfóìsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ TIN yín, kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ rí i.

Ní báyìí, mo ní ìwé kékeré kan fún WHT nìkan. Mo máa ń kọ nọ́ńbà ínfóìsì, orúkọ oníbàárà, iye tí wọ́n yọ àti ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ síbẹ̀. Mo fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí krẹ́díìtì hàn lójú òpó àti ọdún tí mo lò ó. Oníbàárà ní títí di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó tẹ̀ lé e láti san ti ilé-iṣẹ́, nítorí náà tó bá ti di ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, mo máa ń wọ ojú òpó lọ wò ó. Tí àyè náà bá ṣì ṣófo, mo máa ń pe oníbàárà lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì wà lórí wọn.

Ilé-iṣẹ́ Àbújá yẹn tún gbéṣẹ́ fún mi lọ́dún 2025. ₦1,200,000 ni owó iṣẹ́ náà, ₦60,000 ni wọ́n yọ. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo rí i lójú òpó, lórí TIN tó yẹ kó wà.