Bàtà Onírin tí Ó Ń Ṣọ́ Ẹsẹ̀ Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwọ́ àbímọ́ ni a gbé wá lónìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bi wá léèrè irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi tọ́ ẹsẹ̀ ọmọ wa. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ni ó tọ́ ọ. Ọwọ́ dókítà àti píòpì ni ó tọ́ ọ, bàtà ni kò sì jẹ́ kí ó padà wọ́.

Ẹsẹ̀ òsì ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ kejì, gìgísẹ̀ fà sókè, iwájú ẹsẹ̀ sì ká wọlé. Nínú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọmọ ni a ti ń rí ọ̀kan tí a bí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. A fi hàntú wẹ̀ ẹ́, ní ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀nà tí wọ́n lò ni ti Dókítà Ignásíò Pọ́nsẹ́tì, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Áíówà ní Amẹ́ríkà, tí ó sì kú ní 2009. Ohun tí ó rí ni pé iṣan tí ó so eegun ọmọ ọwọ́ pọ̀ a máa nà bí a bá fà á jẹ́jẹ́ tí a sì dá a dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, dókítà á fi àtàǹpàkò rẹ̀ ti orí eegun kókósẹ̀ tí ó yọ síta, á wá fi ọwọ́ kejì yí iwájú ẹsẹ̀ síta díẹ̀díẹ̀. Kò fọwọ́ kan gìgísẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ̀rù bà wá, nítorí pé ńṣe ni ó gbé ìhà àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè, tí ó dà bí ẹni pé ó tún ń wọ́ ọ sí i. Ó ní iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bára dọ́gba kí a tó lè yí wọn pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó wé òwú, ó sì fi píòpì dì í láti ìka ẹsẹ̀ dé òkè itan, pẹ̀lú orúnkún ní kíká. Bí ó bá mọ sí ìsàlẹ̀ orúnkún, ẹsẹ̀ á yọ́ jáde. Ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí a máa wò: bí ó bá wú, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí tí ó ń rì wọnú píòpì, kí a má ṣe dúró de ọjọ́ ìpàdé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ìka náà rì lóòótọ́. Wọ́n rẹ píòpì náà sómi, wọ́n tú u, wọ́n sì dì í tuntun.

Nígbà tí a di ìkarùn-ún, ẹsẹ̀ ti yí síta dáadáa, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ojú ibẹ̀ mọ ìrora, ó fi ọ̀bẹ kékeré gé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ já, ó sì tún dì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ìgbà náà ni iṣan ń so padà, tí ó sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo iṣẹ́ abẹ tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ibi tí iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀ ni bàtà: bàtà méjì lórí ọ̀pá irin kan tí ó fẹ̀ tó èjìká ọmọ. Ti òsì kọjú síta gan-an, tó ìwọ̀n dígírì 70; ti ọ̀tún, tí kò ní àrùn, kò ju 40 lọ. Wákàtí 23 lójúmọ́ ni ó fi wọ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́ta. Wákàtí kan tí ó kù ni a fi ń wẹ̀ ẹ́, tí a sì ń pọ̀n ọ́n. Òru méjì àkọ́kọ́, kò sùn. Màmá àgbà ní, "Ẹ bọ́ nǹkan yìí fún ọmọ ọlọ́mọ!" A kò bọ́ ọ. A ń di ọ̀pá náà mú, a ń ká orúnkún rẹ̀ méjèèjì pọ̀, a tún ń nà wọ́n, títí ó fi mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni yóò máa fi ta pọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, láti ìrun Mọ̀gáríbì títí di òwúrọ̀ ni, àti ìgbà tí ó bá sùn lọ́sàn-án, ó sì ń bẹ bẹ́ẹ̀ títí ó fi pé ọdún mẹ́rin.

Ó gùn, àbí? Ṣùgbọ́n ohun tí ó fa ẹsẹ̀ wọlé tẹ́lẹ̀ kò tíì kúrò lára ọmọ nígbà tí ẹsẹ̀ bá tọ́, ó sì ń bá a dàgbà. A mọ ọmọ kan tí a jọ ń gba píòpì. Nígbà tí ó rìn, tí ó sì rìn dáadáa, wọ́n gbé bàtà sórí àjà. Kí ọdún tó yípo, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́, etí ẹsẹ̀ ni ó fi ń tẹ̀. Wọ́n tún dì í ní píòpì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì padà sínú bàtà. Dókítà sọ fún wọn pé bí ó bá tún wọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n lè ní láti gbé iṣan kan níwájú kókósẹ̀ lọ sí ìhà òde, iṣẹ́ abẹ gidi sì nìyẹn.

Tiwa ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Bí ó bá lóṣòó ti kẹ́tùrù láti ṣe àlùwàlá, gìgísẹ̀ òsì ni a ń wò, bóyá ó kanlẹ̀.